Ìdí tí 0.89 fi di 0.83: àlàyé ìsọnísókí ìwádìí kan àti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wà ní ọdún kẹta nínú ìmọ̀ pòògùn fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi. Èkíní jẹ́ ìsọnísókí tí ó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwádìí RECOVERY lórí oògùn dẹksamẹtasónù fún àwọn tí àìsàn kòrónà gbé wọ ilé ìwòsàn, èyí tí ìwé àtìgbàdégbà New England Journal of Medicine kọ́kọ́ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Keje ọdún 2020, tí wọ́n sì tẹ̀ sínú ìwé ní oṣù Kejì ọdún 2021. Èkejì jẹ́ àwòrán kan láti inú ìwádìí kan náà, pẹ̀lú àlàyé tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní láti ṣàlàyé méjèèjì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ìbéèrè tí ó sì kọ tẹ̀ lé àwọn fọ́tò náà fi hàn pé ó ti fara balẹ̀ kà wọ́n: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ikú jẹ́ 22.9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó gba oògùn, ó sì jẹ́ 25.7 láàárín àwọn tí kò gbà á. Mo fi 25.7 pín 22.9, mo rí 0.89. Àwọn kọ 0.83. Ṣé àṣìtẹ̀ ni, àbí èmi ni mi ò mọ ìṣirò?"

Ìbéèrè náà dára ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ka nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní dán wọn wò rárá. Ṣùgbọ́n kí n tó dá a lóhùn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohun tí ó wà nínú ìwé gan-an ni fọ́tò náà ń fi hàn, nítorí pé ojú ewé náà tẹ̀ díẹ̀ níbi tí ìwé ti pàdé ẹ̀yìn rẹ̀, òjìji ọwọ́ sì bo apá kan ìlà tí nọ́ńbà wọ̀nyí wà. Bí mo ṣe wo 0.83 yẹn, ó lè jẹ́ 0.88. Bí ó bá sì jẹ́ 0.88 ni, ọ̀rọ̀ náà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí 0.88 àti 0.89 kò jìnnà síra wọn.

Ọ̀nà wà láti fi àwọn nọ́ńbà inú ìsọnísókí dán ara wọn wò. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rọrùn jù. Ìsọnísókí náà sọ pé ènìyàn 482 ló kú nínú 2104 tí wọ́n fún ní oògùn, àti pé 1110 ló kú nínú 4321 tí wọ́n fún ní ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan. Bí a bá fi 2104 pín 482, a óò rí 22.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá sì fi 4321 pín 1110, 25.7 ni yóò jáde. Ìwọ̀nyí pé. Ti 0.83 ni ó gba ọgbọ́n díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ gbèdéke ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún sí, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí ohun tí wọ́n rí ṣì bá mu, láti 0.75 dé 0.93. Nígbà tí ohun tí wọ́n ṣírò bá jẹ́ ìfiwéra, ìyẹn nọ́ńbà kan tí wọ́n fi òmíràn pín, nọ́ńbà gan-an kì í dúró sí agbedeméjì gbèdéke méjèèjì ní ti àròpọ̀. Ó máa ń dúró sí agbedeméjì wọn ní ti ìsọdipúpọ̀. Nítorí náà, a óò sọ 0.75 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.93, a óò rí 0.6975, lẹ́yìn náà a óò wá nọ́ńbà tí ó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 0.6975 yìí ni yóò fún wa. Nọ́ńbà náà jẹ́ nǹkan bíi 0.835. Bí ó bá jẹ́ 0.88 ni wọ́n tẹ̀, gbèdéke wọ̀nyí kò ní bá a mu. A ti mọ̀ wàyí pé 0.83 ni, àti pé ìyàtọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà rí wà nínú ìwé gan-an.

Ohun tí ìsọnísókí náà sọ ni pé ní àwọn ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè Bìrìtìkó, wọ́n fi kèké pín àwọn tí àìsàn kòrónà gbé wọ ilé ìwòsàn sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba dẹksamẹtasónù míligíráàmù 6 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá ó pẹ́ tán, àwọn yòókù gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá nìkan. Iye àwọn tí kò gba oògùn jẹ́ nǹkan bíi ìlọ́po méjì àwọn tí ó gbà á, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣètò kèké náà. Kò sí ohun tí ó fara sin níbẹ̀. Wọ́n wá ka iye àwọn tí ó kú láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn àròpọ̀ gbogbo wọn, ìsọnísókí náà tún pín wọn gẹ́gẹ́ bí mímí wọn ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ́ kèké: àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, àwọn tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láìsí ẹ̀rọ náà, àti àwọn tí wọn kò fún ní ìkankan.

Lẹ́yìn náà ni mo yí sí fọ́tò kejì. Àwòrán náà ní apá mẹ́rin tí wọ́n fi A, B, C àti D sàmì sí. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì ń gòkè láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 28, ìkan fún àwọn tí ó gba oògùn, ìkan fún àwọn yòókù. Bí ìlà bá ṣe ga tó ni iye àwọn tí ó ti kú ṣe pọ̀ tó. A jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, B jẹ́ ti àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, C jẹ́ ti àwọn tí ń gba ọ́síjìn, D sì jẹ́ ti àwọn tí kò gba ìkankan. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà ló sọ èyí fún wa, ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ ló parí sí. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ fọ́tò náà gan-an, mo rí orí àwọn lẹ́tà ìlà mìíràn tí fóònù ti gé kúrò. Mo kọ̀wé sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ rí i pé àlàfo funfun hàn lábẹ́ ìlà tí ó kẹ́yìn." Èyí ni mo máa ń béèrè ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fi fọ́tò àwòrán ìwádìí ránṣẹ́, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń to orúkọ àwọn apá àwòrán síwájú, wọn a sì fi ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn nọ́ńbà sí ìparí, ibi tí ó rọrùn jù fún fóònù láti gé.

Fọ́tò tuntun dé. Gbólóhùn méjì tí ó ti sọnù ni ó fara hàn. Àkọ́kọ́ sọ pé àwọn ìlà inú àwòrán, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà Kaplan–Meier, kò ní àtúnṣe ọjọ́ orí nínú. Èkejì sọ pé ìfiwéra ìyára ikú ní àtúnṣe ọjọ́ orí nínú, ní ìsọ̀rí mẹ́ta: àwọn tí kò tíì pé ọdún 70, àwọn tí ó wà láàárín ọdún 70 sí 79, àti àwọn tí ó ti pé ọdún 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ìdáhùn púpọ̀ wà nìyẹn. 22.9 àti 25.7 jẹ́ iye òkú bí wọ́n ṣe kà wọ́n, láìfọwọ́ kàn wọ́n; 0.83 jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n ti yọ ipa ọjọ́ orí kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ńbà oríṣi méjì ni wọ́n kọ sí ìlà kan náà.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà dá mi lóhùn, "ṣé kì í ṣe torí kí ọjọ́ orí lè dọ́gba ni wọ́n ṣe ṣẹ́ kèké?"

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí kèké ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ kó àwọn àgbà sí apá kan; kò ṣèlérí pé apá méjèèjì yóò dọ́gba régí. Nínú ìwádìí yìí, ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn tí kèké mú fún oògùn fi ọdún 1.1 dàgbà ju àwọn yòókù lọ, bí a bá wo ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn. Ọdún kan àti díẹ̀ lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ àìsàn kòrónà kì í pa ọmọ ogójì ọdún àti ẹni ọgọ́rin ọdún ní ìwọ̀n kan náà. Ewu ikú ń ga sókè kíákíá bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré nínú ọjọ́ orí tó láti yí nọ́ńbà padà.

Kí ó lè rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo ṣe nọ́ńbà kan tí mo fọwọ́ ara mi dá, tí mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ki àsọdùn bọ̀. Ká ní ènìyàn 200 ni ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ní apá tí kò gba oògùn, 100 jẹ́ àgbà, 100 jẹ́ ọ̀dọ́. 40 kú nínú àwọn àgbà, 10 kú nínú àwọn ọ̀dọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50 nínú 200, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká wá sọ pé oògùn ń dín ikú kù ní ìdá kan nínú márùn-ún fún àgbà àti ọ̀dọ́ bákan náà, kí àgbà 32 máa kú nínú ọgọ́rùn-ún dípò 40, kí ọ̀dọ́ 8 máa kú dípò 10. Ṣùgbọ́n kèké kó àgbà 150 àti ọ̀dọ́ 50 sí apá oògùn. Àwọn àgbà tí yóò kú jẹ́ 48, àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52 nínú 200, ìyẹn 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá wo 26 àti 25 yóò sọ pé oògùn ń pa ènìyàn, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ran àgbà lọ́wọ́, ó sì ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Àtúnṣe ọjọ́ orí kò ju pé kí a fi àgbà wé àgbà, kí a fi ọ̀dọ́ wé ọ̀dọ́, kí a tó kó èsì méjèèjì pọ̀ lọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, 0.80 ni a óò rí níbi méjèèjì. Nínú ìwádìí RECOVERY, ìyàtọ̀ ọjọ́ orí kò pọ̀ tó ti inú àpẹẹrẹ mi, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kò fi yí ju bí ó ṣe yí lọ.

Mo rò pé a ti parí rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà tún padà wá pẹ̀lú apá B. Àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí kú ní ìwọ̀n 29.3 nínú ọgọ́rùn-ún bí wọ́n bá gba oògùn, àti 41.4 bí wọn kò bá gbà á. Ìpín wọn jẹ́ 0.71. Ìsọnísókí kọ 0.64, pẹ̀lú gbèdéke 0.51 sí 0.81. Ó ti kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ ní kíláàsì pé ọjọ́ orí ló fa èyí náà.

Níbí ni ó yẹ kí a ṣọ́ra, torí pé ohun mìíràn wà tí ó ń ya nọ́ńbà méjèèjì sọ́tọ̀, agbára rẹ̀ kò sì dọ́gba ní gbogbo apá àwòrán. Ohun tí 0.64 ń fi wéra ni ìyára tí ikú fi ń dé, tí kì í ṣe iye òkú ní ọjọ́ 28. Lójoojúmọ́, wọn a ka iye tí ó kú lọ́jọ́ náà, wọn a sì fi wé iye tí ó ṣì wà láàyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Níbi tí ikú bá ti pọ̀, àwọn tí ó kù láàyè ń dín kù kíákíá, iye òkú tí a kà sì ń lọ́ra bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, bí ìyára náà kò tilẹ̀ yí padà, nítorí pé àwọn tí ó kù tí ikú lè mú kò pọ̀ mọ́. Apá tí kò gba oògùn ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni ikú ti pọ̀ jù. Nítorí bẹ́ẹ̀, iye òkú ní ìparí ọjọ́ 28 máa ń fi ìyàtọ̀ hàn ní kékeré ju bí ìyára ṣe fi hàn lọ. Bí ikú bá ṣọ̀wọ́n, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà. Bí ó bá pọ̀ tó 41 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti jìnnà síra wọn.

A lè fojú bù ú láti inú nọ́ńbà tí ó wà nínú fọ́tò. Bí a bá gbà pé ìfiwéra ìyára náà kò yí padà láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 28, ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ nìyí, àkọ́kọ́ fún apá A, èkejì fún apá B:

```
ln(1 - 0.229) / ln(1 - 0.257) = 0.88
ln(1 - 0.293) / ln(1 - 0.414) = 0.65
```

Ẹ wo bí ìtàn apá méjèèjì ṣe yàtọ̀. Ní apá A, yíyípadà láti iye òkú sí ìyára gbé nọ́ńbà láti 0.89 sí 0.88 péré, èyí tí ó kù, láti 0.88 sí 0.83, ọjọ́ orí ni a lè kà á sí. Ní apá B, yíyípadà sí ìyára nìkan ti gbé e láti 0.71 dé 0.65, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù kí ó tó di 0.64 ni a lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ orí. Ìfojúbù ni, kì í ṣe ohun tí àwọn olùwádìí ṣe gan-an, torí àwọn ní ọjọ́ ikú ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, àwa kò ní. Síbẹ̀ ó tó láti fi hàn pé gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ fún apá B kò tọ̀nà. Ó yọ ọ́ kúrò.

Apá D ni a lò ní àkókò díẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo rò pé wọ́n máa ń ṣì kà jù. Láàárín àwọn tí kò gba ọ́síjìn, 17.8 kú nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú oògùn, 14.0 láìsí oògùn, ìfiwéra ìyára sì jẹ́ 1.19. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ pé oògùn náà pa àwọn tí àìsàn wọn kò le. Gbèdéke rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ 1, ó sì lọ dé 1.55. 1 túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀ rárá. Níwọ̀n ìgbà tí ó wà láàárín gbèdéke, ohun tí a rí bá kí oògùn ṣe ìpalára mu, ó sì bá kí ó má ṣe ohunkóhun mu. Ìsọnísókí náà kò sọ ju pé kò sí àǹfààní tí wọ́n rí fún àwọn wọ̀nyí lọ. Gbólóhùn tí ó tọ̀nà fún kíláàsì ni pé ìwádìí yìí kò fún wa ní ìdí láti fún wọn ní oògùn náà, àti pé a kò lè kọ ọ́ dànù pé ó lè ṣe wọ́n ní ìpalára.

Ó ku ohun kan tí fọ́tò méjèèjì kò lè sọ fún wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé wọ́n ṣe àtúnṣe ọjọ́ orí, tí ó sì rí i pé àtúnṣe náà mú kí oògùn dára sí i lójú, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìgbà tí wọ́n pinnu láti ṣe é. Bí olùwádìí bá lè yan àtúnṣe tí ó wù ú lẹ́yìn tí ó ti rí nọ́ńbà rẹ̀, yóò máa rí ìkan tí yóò bá ìfẹ́ rẹ̀ mu. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ya apá tí wọ́n ti ṣàlàyé ìlànà ìṣirò, ó sì rí i níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé sọ fúnra wọn pé àtúnṣe yìí kò sí nínú ètò ìṣirò àkọ́kọ́, pé wọ́n fi kún un nígbà tí wọ́n rí i pé ọjọ́ orí kò dọ́gba, àti pé èsì tí kò ní àtúnṣe nínú wà nínú àfikún ìwádìí náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú mi, èyí dín iyèméjì kù púpọ̀, torí pé ọjọ́ orí jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ń darí ikú nínú àìsàn yìí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣàdéédéé hú jáde, àti pé àwọn ìlà inú àwòrán, tí kò ní àtúnṣe kankan nínú, ń fi ojú kan náà hàn: ní apá A, ní B àti ní C, ìlà àwọn tí ó gba oògùn wà nísàlẹ̀ ti àwọn tí kò gbà á ní ọjọ́ 28.

Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ níkẹyìn fún apá A nìyí, ó sì tọ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà: "Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bíi 23 kú pẹ̀lú oògùn, nǹkan bíi 26 kú láìsí i, àwọn tí ó gba oògùn dàgbà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, nígbà tí wọ́n sì fi ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan wé ara wọn, ìyára ikú wọn jẹ́ 0.83 ti àwọn yòókù." Mo fi ìbéèrè kan kún un fún un, èyí tí ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi í ní kíláàsì: kí ló dé tí wọ́n fi lo ìsọ̀rí ọjọ́ orí mẹ́ta péré, nígbà tí ẹni ọdún 30 àti ẹni ọdún 69 wà nínú ìsọ̀rí kan náà? Ó ní òun yóò lọ wo àfikún náà kí ọjọ́ náà tó pé.